Àyè Kan, Ẹni Mẹ́ta: Bí Wọ́n Ṣe Ń Kọ Ètò Tó Ń Pín Àyè Kíláàsì

Ká ní ilé eré ìdárayá kan wà n'Ìbàdàn tí kíláàsì rẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ ní aago méje àárọ̀ gbogbo Sátidé. Ènìyàn 12 péré ni yàrá náà gbà. Àwọn oníbàárà ti sanwó sílẹ̀: ẹni tó bá ra kírédíìtì 10 á máa ná ọ̀kan fún kíláàsì kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí kò bá ní lè wá gbọ́dọ̀ yọ orúkọ rẹ̀ ó kéré tán wákàtí 12 ṣáájú, ìyẹn kí aago méje alẹ́ Fúráìdè tó lù. Bó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, kírédíìtì rẹ̀ ti lọ nìyẹn. Àwọn tí kò ráyè á tò sórí ìlà, wọ́n á máa retí ẹni tí yóò yẹ̀.

Òfin mẹ́ta yìí ò le lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ibi tí wọ́n bá ti pàdé ni wàhálà wà.

Ẹni tó ń kọ ètò náà sórí kọ̀ǹpútà ò gbọdọ̀ fi í mọ sí "gbogbo Sátidé, aago méje". Sátidé kọ̀ọ̀kan ni yóò ní àkọsílẹ̀ tirẹ̀, nọ́ńbà tirẹ̀ àti àyè 12 tirẹ̀, ó lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ síwájú. Bí Iléyá bá bọ́ sí ọ̀kan nínú wọn, ọjọ́ yẹn nìkan ni wọ́n á fagi lé, wọ́n á sì dá kírédíìtì gbogbo ènìyàn padà.

Kírédíìtì náà kì í ṣe nọ́ńbà kan ṣoṣo tí a ó máa pa rẹ́, tí a ó máa tún kọ. Bí alájọ ṣe ń fi àmì sí káàdì ni kí ẹ ṣe é: +10 lọ́jọ́ tó rà á, −1 nígbà tó gba àyè, +1 nígbà tó yọ orúkọ rẹ̀ lásìkò. Àpapọ̀ wọn ni iye tó kù. Bí oníbàárà bá wá jà pé kírédíìtì òun sọnù, ẹ ó lè nawọ́ sí ọjọ́ àti wákàtí tó ná an. Èyí tí a bá dá padà gbọ́dọ̀ padà pẹ̀lú ọjọ́ tí yóò parí tẹ́lẹ̀. Bí a bá fún un ní ọjọ́ tuntun, ọlọ́gbọ́n kan á máa gba àyè, á máa yọ, kírédíìtì rẹ̀ ò sì ní parí láéláé.

Wàyí o, ní aago méje ku ogún ìṣẹ́jú lálẹ́ Fúráìdè, obìnrin kan yọ orúkọ rẹ̀. Kò tíì pẹ́, wọ́n dá kírédíìtì rẹ̀ padà. Lójú ẹsẹ̀, kọ̀ǹpútà fi ẹni tó wà níwájú ìlà sí àyè náà, ó sì yọ kírédíìtì kan lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkùnrin yìí wà nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, kò wo fóònù rẹ̀ títí aago mẹ́jọ. Ó ti wéwèé láti lọ sóde ìgbéyàwó ní Sátidé, ṣùgbọ́n ẹ̀pa ò bóró mọ́: aago méje ti kọjá. Ó ti pàdánù kírédíìtì lórí kíláàsì tí kò mọ̀ pé òun ti wà nínú rẹ̀. Kò sí òfin kankan tó ṣẹ̀.

Ohun tí ó yẹ ni kí fífi ènìyàn sí àyè láìbéèrè dáwọ́ dúró ṣáájú aago méje yẹn, bóyá ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Láti ìgbà náà lọ, àtẹ̀jíṣẹ́ ni kọ̀ǹpútà yóò fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó wà lórí ìlà pé àyè kan ti ṣí. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbà á ló ni ín, ìgbà tó bá sì gbà á ni kírédíìtì rẹ̀ yóò tó lọ.

Ṣùgbọ́n ẹni méjì lè tẹ fóònù lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn méjèèjì rí i pé àyè kan ló kù, àwọn méjèèjì sì wọlé. Bí ibi ìpamọ́ àkọsílẹ̀ náà bá jẹ́ PostgreSQL, báyìí ni wọ́n ṣe ń dènà rẹ̀:

```
BEGIN;
SELECT * FROM sessions
WHERE id = 208 FOR UPDATE;
```

Èyí mú kí ẹni kejì dúró lórí kíláàsì 208 títí ti ẹni àkọ́kọ́ fi parí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á ka àyè tó kù, tí wọ́n á kọ orúkọ àti −1 pa pọ̀, kí `COMMIT` tó dé. Bí iná bá lọ láàárín, kò sí èyí tó dúró nínú méjèèjì.

Lẹ́yìn kíláàsì, ẹ ro gbogbo àmì kírédíìtì tó jẹ mọ́ ọn pọ̀. Bí ènìyàn 12 bá ní àyè, tí ẹnì kan sì pẹ́ kó tó yọ orúkọ rẹ̀, −13 ló yẹ kó jẹ́. Bó bá jẹ́ −12, ẹnì kan wọlé lọ́fẹ̀ẹ́ tàbí kí a ti dá kírédíìtì padà fún ẹni tó pẹ́. Bó bá jẹ́ −14, owó oníbàárà kan wà lọ́wọ́ yín tí kì í ṣe tiyín.