Ìdáná-sun pàǹtí fún iná mànàmáná àti dída pàǹtí sí ààtàn

Ìdáná-sun pàǹtí fún iná mànàmáná ni ọ̀nà ìṣàkóso ìdọ̀tí tí a fi ń sun pàǹtí ìlú nínú ìléru ńlá, tí a sì ń fi ooru rẹ̀ hó omi, kí oru omi náà lè yí ẹ̀rọ tó ń pèsè iná mànàmáná. Ọ̀nà kejì, tí ó wọ́pọ̀ jù, ni dída pàǹtí sí ààtàn. Ààtàn ìgbàlódé ni èyí tí a fi amọ̀ àti ọ̀rá nípọn tẹ́ nísàlẹ̀, tí a ń fi erùpẹ̀ bò lójoojúmọ́, tí a sì ri páìpù sínú rẹ̀ láti fa omi ìdọ̀tí àti gáàsì jáde. Ohun tí ó sábà máa ń pinnu èyí tí ó sàn jù nínú méjèèjì ni irú pàǹtí tí ìlú kan ní, pàápàá bí ó ti tutù tó.

Àpẹẹrẹ Ádísì Ábábà

Ní oṣù kẹta ọdún 2017, òkìtì pàǹtí ya lulẹ̀ ní Kóṣè, ààtàn ńlá ìlú Ádísì Ábábà ní Ethiópíà. Ó lé ní 110 ènìyàn tí ó kú. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2018 ni wọ́n ṣí iléeṣẹ́ Rẹ́pì, tí wọ́n kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ààtàn náà. Wọ́n ṣètò rẹ̀ láti máa sun 1,400 tọ́ọ̀nù pàǹtí lójúmọ́, kí ó sì máa pèsè mẹ́gáwáàtì 25.

Owó

Iye tí wọ́n kéde fún kíkọ́ Rẹ́pì wà láàárín mílíọ̀nù 95 àti mílíọ̀nù 120 dọ́là. Bí ẹ̀rọ náà bá ṣiṣẹ́ ní kíkún, tọ́ọ̀nù pàǹtí kan yóò mú nǹkan bí kílówáàtì-wákàtí 430 wá. Bí a bá fi sẹ́ńtì 5 ṣe àpẹẹrẹ iye tí a ń ta ọ̀kọ̀ọ̀kan, owó tí yóò wọlé lórí tọ́ọ̀nù kan kò ju dọ́là 22 lọ. Nínú ìròyìn Báǹkì Àgbáyé ti ọdún 2012, ìsunpàǹtí ní àwọn orílẹ̀-èdè tí owó wọn kò pọ̀ púpọ̀ máa ń ná wọn ní dọ́là 40 sí 100 lórí tọ́ọ̀nù kan, nígbà tí ààtàn ìgbàlódé ń ná wọn ní 15 sí 40. Títa iná nìkan kò lè dí àlàfo náà. Ìjọba tàbí àwọn onílé ni yóò san ìyókù.

Omi inú pàǹtí tún ń jẹ nínú èrè. Ooru inú kílógíráàmù pàǹtí kan ní láti tó nǹkan bí mẹ́gájúùlù 7 ní ìpíndọ́gba ọdún, láìdín sí 6 nígbà kankan. Bí àjẹkù oúnjẹ bá pọ̀ nínú rẹ̀, tí òjò sì tún pa á, apá ńlá nínú ooru náà yóò bá gbígbẹ omi lọ, wọn a sì fi epo kún iná kí ó má baà kú.

Gáàsì àti èéfín

Àjẹkù oúnjẹ kan náà tí ń da iná láàmú ni ó ń ba ààtàn jẹ́. Bí ó bá jẹrà níbi tí afẹ́fẹ́ kò dé, ó ń tú mẹ́táànì sílẹ̀, gáàsì tí kílógíráàmù kan rẹ̀ ń mú ayé gbóná ní nǹkan bí ìlọ́po 28 ti kábọ́ọ̀nù díọ́ksáídì láàárín 100 ọdún. Páìpù kò lè kó gbogbo rẹ̀ tán. Ọ̀ràn ike yàtọ̀: nínú ààtàn, kì í jẹrà bọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n bí a bá sun ún, kábọ́ọ̀nù tí ó ti inú epo rọ̀bì wá yóò bọ́ sí ojú ọ̀run.

Iná tí a fi pàǹtí rọ́pò ṣe pàtàkì pẹ̀lú. Ní ibi tí èédú ti ń pèsè iná, iléeṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń dín èéfín èédú kù. Ní Ethiópíà, agbára omi ni ó ń pèsè èyí tí ó pọ̀ jù nínú iná ìlú, nítorí náà mẹ́táànì tí a dènà ni èrè Rẹ́pì fún ojú ọjọ́, kì í ṣe iná rẹ̀.

Eérú

Iná kì í mú ààtàn kúrò pátápátá. Nǹkan bí ìdámẹ́rin tàbí ìdámárùn-ún ìwọ̀n pàǹtí ni ó ń ṣẹ́kù sí ìsàlẹ̀ ìléru. Nínú 1,400 tọ́ọ̀nù, ìyẹn jẹ́ tọ́ọ̀nù 280 sí 350 lójúmọ́. Wọ́n ń fi òòfà yọ irin kúrò nínú eérú yìí, wọ́n á sì tẹ́ ẹ síta fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí a tó lè lò ó lábẹ́ ọ̀nà. Àyẹ̀wò kan ń fi hàn bóyá iná jó dáadáa: wọ́n á tún eérú gbígbẹ sun, bí ìwọ̀n rẹ̀ bá sì dín ju ìpín 5 nínú 100 lọ, kò bá òfin Ìṣọ̀kan Yúróòpù mu.

Eérú tí asẹ́ mú nínú èéfín kéré, nǹkan bí ìpín 2 sí 4 nínú 100, ṣùgbọ́n òun ni ó léwu jù. Òjé, kádímíọ́mù àti díọ́síìnì ń kó jọ sínú rẹ̀. Bí a bá pò ó mọ́ eérú ìsàlẹ̀, òjò lè fọ májèlé rẹ̀ wọnú omi kànga. Fún ìdí èyí, a máa ń fi sìmẹ́ńtì dì í, a ó sì rì í mọ́ ààtàn pàtàkì tí ó wà fún ohun olóró. Ìlú tí kò ní irú ààtàn bẹ́ẹ̀ kò tíì rí ibi tí yóò kó eérú náà sí, bí ìléru rẹ̀ tilẹ̀ ń jó geere.