Pọ́fù-pọ́fù Lásìkò Ooru: Ẹ Má Jẹ́ Kí Íísì Sáré Jù

Ẹni tó bá ń ra pọ́fù-pọ́fù lẹ́bàá títì l'Ékòó á ti rí i pé èyí tí wọ́n kọ́kọ́ dín máa ń rí roboto, ó sì máa ń fúyẹ́. Bí abọ́ bá ti fẹ́ gbẹ, èyí tó ń jáde á rí pẹlẹbẹ, á mu òróró yó, á sì kan díẹ̀ lẹ́nu. Fúláwà kan náà ni, òróró kan náà ni. Íísì ni kò dúró de ẹni tó ń dín in.

Ohun ẹlẹ́mìí ni íísì. Ó ń jẹ ṣúgà, ó ń tú afẹ́fẹ́ jáde, fúláwà tó ń fà sì ń ká afẹ́fẹ́ náà mọ́ inú. Ìdí tó fi ń wú nìyẹn. Bí ooru bá ṣe ń mú tó ló ṣe ń yára tó. Nínú ilé ìdáná tí ooru rẹ̀ lé ní dígírì 30, ohun tí ìbá gba wákàtí kan ààbọ̀ níbi tó tutù lè wú di ìlọ́po méjì láàárín ìṣẹ́jú 45. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ pẹ́ síi, fúláwà ò ní lè fà mọ́, afẹ́fẹ́ á bọ́ lọ, àárín rẹ̀ á jìn, á sì máa rùn bí ẹmu àná.

Fún fúláwà gíráàmù 500, ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń bu íísì ṣíbí ìpo-tíì 2. Lásìkò ooru, ṣíbí 1 tó. Omi tútù ni kí ẹ fi pò ó, kì í ṣe omi lílọ́wọ́ọ́wọ́. Ẹ fi iyọ̀ ìdajì ṣíbí sí i, torí iyọ̀ máa ń fa íísì sẹ́yìn díẹ̀. Ẹ má sì da gbogbo omi rẹ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan náà: bí ojú ọjọ́ bá lọ́rinrin, fúláwà náà ti mu díẹ̀ nínú rẹ̀, èyí tó bá sì ṣàn jù kì í ká jọ nínú òróró.

Fún ẹni tó ń tà, èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé kó má po gbogbo rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Kó po ìdajì; bí ìyẹn bá ti ń wú, kó tó po ìyókù. Kó gbé abọ́ tó ń dúró de òróró sínú ọpọ́n omi oníyìnyín. Ẹ̀gbẹ́ abọ́ ni kó ti máa bu ú, kó má rò ó, torí ríròó ló ń lé afẹ́fẹ́ jáde. Èyí tó bá ti jìn, ẹ lè fi fúláwà ẹ̀kúnwọ́ kan rò ó, kẹ́ ẹ jẹ́ kó sinmi fún ìṣẹ́jú 20. Á wú díẹ̀, àmọ́ kíkan rẹ̀ ò ní lọ.

Íísì tí ẹ bá ti tú, ẹ rọ ọ́ sínú ike tó ní ọmọrí dídì, kẹ́ ẹ gbé e sínú fíríìjì; ọ̀rinrin máa ń pa á. Bí ó bá ń ṣe yín bíi pé ó ti kú, ẹ bu díẹ̀ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ pẹ̀lú ṣúgà. Bí kò bá yọ ìfófó lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10, ẹ dà á nù.