Ẹ̀rọ Gbàgbé Iye Owó Ọjà Mi: Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Oníṣòwò Kékeré

Ní alẹ́ ọjọ́ Ajé, ìyá kan tí ń ta èlò oúnjẹ ní ìtòsí ilé ìwé wa jókòó, ó sì tẹ iye owó gbogbo ọjà rẹ̀ sínú ẹ̀rọ ọgbọ́n àtọwọ́dá tí ọmọ rẹ̀ fi sórí fóònù fún un. Ẹ̀rọ náà bá a ṣírò owó dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun mọ́, oníbàárà kan ránṣẹ́ pé òun fẹ́ ẹ̀wà kóńgò 4 àti epo pupa ìgò 3. Ìyá bi ẹ̀rọ ní iye owó rẹ̀, ẹ̀rọ sì dáhùn kíá pé ₦13,300 ni. Oníbàárà san án, ó kó ẹrù rẹ̀ lọ. Ọ̀sán ni ìyá tó rántí pé ₦2,600 ni kóńgò ẹ̀wà kan lọ́dọ̀ òun, ₦1,800 sì ni ìgò epo kan. ₦15,800 ni ó yẹ kí ó gbà. Ó ti pàdánù ₦2,500. Ó wá bá mi nílé, ohun tí a jọ sọ sì nìyí.

ÌBÉÈRÈ: Tíṣà, ṣebí alẹ́ àná ni mo tẹ̀ ẹ́ sínú rẹ̀? Kí ló dé tí ó fi gbàgbé?

ÌDÁHÙN: Ìyá, kò há a sórí rárá ni. Ẹ fi ṣáàtì kọ̀ọ̀kan wé síléètì ọmọ ilé ìwé. Nígbàkígbà tí ẹ bá kọ nǹkan síbẹ̀, ẹ̀rọ á tún gbogbo ohun tí ó wà lórí síléètì náà kà, á sì fèsì. Láàárọ̀ yìí, ṣáàtì tuntun ni ẹ ṣí. Síléètì òfìfo ni ẹ gbé fún un.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé ohun tí mo kọ lánàá ti ṣègbé nìyẹn?

ÌDÁHÙN: Rárá. Nínú ọ̀pọ̀ irú ẹ̀rọ yìí, àwọn ṣáàtì àtijọ́ wà létò ní ẹ̀gbẹ́ kan. Bí ẹ bá ṣí ti ọjọ́ Ajé, ẹ ó bá a níbẹ̀. Ṣùgbọ́n síléètì náà ní ìwọ̀n. Bí ọ̀rọ̀ bá pọ̀ jù nínú ṣáàtì kan, ẹ̀rọ lè má lè ka ti òkè mọ́, òkè náà sì ni iye owó yín wà. Àwọn ẹ̀rọ mìíràn tún ní ibi ìrántí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ṣókí ni ó sábà máa ń wà níbẹ̀. Ẹ má fi ọjà yín lé e lọ́wọ́.

ÌBÉÈRÈ: Bí kò bá mọ iye owó mi, kí ló dé tí kò sọ pé òun kò mọ̀?

ÌDÁHÙN: Inú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwé tí ènìyàn kọ ni wọ́n ti kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ tí ó sábà máa ń tẹ̀lé ọ̀rọ̀. Nígbà tí kò rí iye owó yín, ó mú iye tí ó jọ owó ọjà wá: ₦2,200 fún ẹ̀wà, ₦1,500 fún epo. Kì í kólòlò bí ó bá ń méfò, nítorí náà ohùn rẹ̀ kò lè tú u fó. Ẹ bi í ní iye owó ohun tí ẹ kì í tà, bí ìgbín. Bí ó bá dá iye lé e, ẹ mọ̀ pé kì í ṣe àkọsílẹ̀ yín ni ó ń wò.

ÌBÉÈRÈ: Kí ni kí n wá máa ṣe?

ÌDÁHÙN: Ẹ kọ iye owó yín sí ibi àkọsílẹ̀ tí ó wà nínú fóònù yín, kì í ṣe inú ṣáàtì. Ẹ fi ọjọ́ sí i lórí. Nígbàkígbà tí ẹ bá ṣí ṣáàtì tuntun, ẹ kọ́pì rẹ̀ síbẹ̀ kí ẹ tó béèrè ohunkóhun, báyìí:

Iye owó ọjà mi, ọjọ́ Ìṣẹ́gun.
Ẹ̀wà, kóńgò 1: ₦2,600
Epo pupa, ìgò 1: ₦1,800
Gàrí, kóńgò 1: ₦1,200
Iye owó yìí nìkan ni kí o lò. Bí ọjà kan kò bá sí níbẹ̀, sọ pé kò sí. Kọ iye owó ọ̀kọ̀ọ̀kan kí o tó ro àpapọ̀.

Nígbà náà, ẹ ó rí i pé ẹ̀wà jẹ́ ₦10,400, epo jẹ́ ₦5,400, àpapọ̀ sì jẹ́ ₦15,800. Ẹ fi ẹ̀rọ ìṣírò yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó fi ránṣẹ́. Bí owó ọjà bá yí padà, inú àkọsílẹ̀ ni kí ẹ ti yí i, kí ẹ sì ṣí ṣáàtì tuntun, kí iye àtijọ́ àti tuntun má baà jọ wà lójú kan náà.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé mo lè gba ₦2,500 mi padà?

ÌDÁHÙN: Ẹ fi àkọsílẹ̀ yín han oníbàárà náà, kí ẹ sì ṣàlàyé fún un. Ṣùgbọ́n ẹ̀bẹ̀ ni, kì í ṣe ẹjọ́. Ẹ̀rọ ló ṣì í ṣírò, ṣùgbọ́n ọwọ́ yín ni iye náà ti dé ọwọ́ rẹ̀.