Ìlà Kejì Ló Ń Sọ Ọ̀rọ̀ Di Àtẹ

Akápò ẹgbẹ́ tó fẹ́ kọ ìnáwó ìpàdé ránṣẹ́ sábà máa ń fi àlàfo to iye owó sábẹ́ ara wọn. Lójú tirẹ̀, gbogbo rẹ̀ á gún régé. Bó bá dé ojú ẹ̀rọ ẹlòmíràn, nọ́ńbà á ti fọ́n ká. Ìdí rẹ̀ ni pé lẹ́tà kò fẹ̀ bákan náà: `i` tín-ín-rín, `m` gbòòrò, ìwọ̀n wọn sì ń yàtọ̀ láti ẹ̀rọ kan sí òmíràn. Kò sí iye àlàfo tó lè tọ́ sójú gbogbo ẹ̀rọ.

Ọ̀nà mìíràn ni Markdown gbà. John Gruber ló gbé ìlànà ìkọ̀wé yìí jáde lọ́dún 2004: èèyàn á kọ ọ̀rọ̀ lásán, á fi àmì díẹ̀ sí i, ẹ̀rọ á sì sọ àwọn àmì náà di àkọlé tàbí ọ̀rọ̀ tó dúdú kirikiri. Àtẹ kò sí nínú èyí tí Gruber kọ́kọ́ ṣe. Àwọn mìíràn ló fi kún un lẹ́yìn náà, nítorí náà kì í ṣe gbogbo ibi tó gba Markdown ló mọ àtẹ. GitHub àti Obsidian mọ̀ ọ́n.

Ẹ jẹ́ ká fi ìnáwó akápò wa ṣe àpẹẹrẹ:

```
| Ọjà | Ìwọ̀n | Owó |
| :--- | :---: | ---: |
| Ìrẹsì | kóńgò 4 | 12,000 |
| Ẹ̀wà | kóńgò 2 | 5,400 |
| Omi | àpò 1 | 900 |
```

Àmì `|` ni ààlà láàárín òpó kan àti èkejì. Lórí fóònù Android tó ń lo Gboard, ẹ tẹ `?123`, kí ẹ wá tẹ `=\<`, ẹ ó rí i níbẹ̀. Ìlà àkọ́kọ́ ni orí àtẹ, tó ń sọ orúkọ òpó kọ̀ọ̀kan. Àwọn ìlà tó kù jẹ́ ọjà tí a rà.

Ìlà kejì ni gbogbo iṣẹ́ wà. Òun ló ń sọ fún ẹ̀rọ pé àtẹ ni èyí, kì í sì í hàn nínú àtẹ tó bá jáde. Òun náà ló ń pàṣẹ ibi tí ọ̀rọ̀ máa fara tì. Bí kólọ́ọ̀nù bá wà lápá òsì, bíi `:---`, ọ̀rọ̀ á fara ti òsì. Bó bá wà lápá méjèèjì, bíi `:---:`, á bọ́ sí àárín. Bó bá wà lápá ọ̀tún, bíi `---:`, á fara ti ọ̀tún. Àlàfo tí ẹ fi sáàárín ọ̀rọ̀ àti ààlà kò ní agbára kankan lórí èyí, bó ti wù kó pọ̀ tó.

Mo rọ̀ yín pé kí ẹ máa fi òpó owó ti ọ̀tún nígbà gbogbo. Bí 12,000 àti 900 bá bẹ̀rẹ̀ láti òsì, 9 á bọ́ sábẹ́ 1, ẹni tó ń fi ojú sáré kà á á rò pé omi wọ́n ju ìrẹsì lọ. Bí wọ́n bá fara ti ọ̀tún, ẹyọ á wà lábẹ́ ẹyọ, ọgọ́rùn-ún lábẹ́ ọgọ́rùn-ún.

Bí àtẹ bá kọ̀ tí kò jáde, tí àwọn àmì `|` kàn tò sílẹ̀ bí ẹ ṣe kọ wọ́n, ẹ ka òpó tó wà ní ìlà kìíní àti ìkejì. Bí orí bá ní mẹ́ta, tí ìlà kejì ní méjì, ẹ̀rọ kò ní gbà pé àtẹ ni. Ẹ wò ó tún bóyá fóònù ti so dáàṣì mẹ́ta pọ̀ di ẹyọ kan gígùn, `—`. iPhone máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ bí Smart Punctuation bá wà ní títàn. Ẹ sì fi ìlà òfìfo kan sílẹ̀ ṣáájú àtẹ, torí àwọn ẹ̀rọ kan kò ní dá a mọ̀ bó bá lẹ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ tó wà lókè rẹ̀.

Àṣìṣe tó léwu jù ni èyí tí kì í ba àtẹ jẹ́. Ká ní akápò kọ èyí kún un:

```
| Ẹran|ẹja | kìlò 3 | 13,500 |
```

Ààlà tó wà láàárín ẹran àti ẹja ti sọ ìlà náà di òpó mẹ́rin. Lórí GitHub, àtẹ á jáde dáadáa, ṣùgbọ́n ẹja á bọ́ sábẹ́ Ìwọ̀n, kìlò 3 á bọ́ sábẹ́ Owó, 13,500 á sì pòórá láìsí ìkìlọ̀, torí pé ohun tó bá ti ju iye òpó orí lọ, ẹ̀rọ á dà á nù. Ìtúnṣe rẹ̀ ni kí ẹ fi `\` ṣáájú àmì náà: `Ẹran\|ẹja`. Lẹ́yìn tí àtẹ bá ti jáde, ẹ fi ojú tọ òpó owó láti òkè délẹ̀. Níbi tí ẹ bá ti rí ọ̀rọ̀ nípò nọ́ńbà, ààlà kan ti pọ̀ jù lórí ìlà yẹn.