Ohun Tí Òṣìṣẹ́ Tó Mọṣẹ́ Ń Wá Lójú Ewé Ilé-Iṣẹ́ Tuntun

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2013, Buffer, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ohun tí àwọn oníṣòwò fi ń ṣètò ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa gbé sórí ìkànnì, gbé owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ̀ síta fún tọmọdé tàgbà. Ti Joel Gascoigne, ọ̀gá àgbà wọn, wà níbẹ̀. Ìlànà tí wọ́n fi ṣírò owó náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú: irú iṣẹ́, ìrírí, àti ìlú tí èèyàn ń gbé. Láàárín oṣù kan, àwọn tó ń kọ̀wé wá béèrè iṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn ti ju ìlọ́po méjì ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ẹni tó mọṣẹ́ dunjú sábà máa ń níṣẹ́ lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀. Kó tó kúrò níbi tó wà, ó fẹ́ mọ ohun tí wọ́n ń ṣe gan-an, àwọn tó máa bá ṣiṣẹ́, àti iye tí wọ́n máa san. LinkedIn ò sì fún ilé-iṣẹ́ láyè púpọ̀ láti sọ ọ́: àmì 120 péré ni gbólóhùn tó wà lábẹ́ orúkọ rẹ̀ lè gbà, àlàyé tó tẹ̀ lé e ò sì lè ju 2,000 lọ. Àlàfo àárín ọ̀rọ̀ wà nínú ìṣirò náà.

Ká ní èèyàn mẹ́fà dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ní Ìbàdàn, tí wọ́n ń ṣe áàpù fún àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké. Bí wọ́n bá kọ ọ́ pé, “A ń fi ìmọ̀ tuntun yí ayé padà,” ilé-iṣẹ́ wo ni ò lè sọ bẹ́ẹ̀? Ẹ wá wo èyí: “A ń jẹ́ kí ilé ìwòsàn kéékèèké tètè mọ oògùn tó fẹ́ tán.” Ẹni tí nọ́ọ̀sì ti dá padà rí nítorí pé oògùn ò sí máa dúró kà á. Kí ìlà méjì àkọ́kọ́ nínú àlàyé wọn wá sọ iye ilé ìwòsàn tó ń lò ó, ibi tí owó wọn ti ń wá, àti iṣẹ́ tó ṣì le fún wọn.

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń gbé jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ló ń jẹ́rìí sí ìyẹn. Àwòrán àkàrà òyìnbó ọjọ́ ìbí ò sọ nǹkan kan fún ẹnjiníà. Àmọ́ bí ẹnjiníà wọn bá ṣàlàyé bí áàpù náà ṣe ń tọ́jú àkọsílẹ̀ nígbà tí iná àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ, ẹni tó fẹ́ràn irú ìṣòro bẹ́ẹ̀ á fẹ́ bá wọn ṣe é.

Ọ̀pọ̀ ìwé ìbéèrè iṣẹ́ nìkan ò fi hàn pé ojú ewé náà ṣiṣẹ́. Kí wọ́n bi olùbéèrè léèrè ohun tó kà tó fi wá. Bí kò bá rí nǹkan kan pàtó dárúkọ, gbólóhùn wọn ò tíì ṣe ṣàkó. Ó yẹ kí ìròyìn tó korò náà hàn níbẹ̀: nígbà tí Buffer dá òṣìṣẹ́ mẹ́wàá dúró ní 2016, Gascoigne fúnra rẹ̀ ló kọ ohun tó fà á síta, tó sì sọ ibi tí òun ti ṣìṣe.