Ìtumọ̀ irú nínú bakitéríà nípa ìjọra jẹ́nóòmù

Ìtumọ̀ irú nípa ìjọra jẹ́nóòmù ni ìlànà tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń tẹ̀lé lóde òní láti pinnu bóyá bakitéríà méjì jẹ́ irú kan náà tàbí irú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Nínú ìlànà yìí, kì í ṣe bí bakitéríà ṣe rí lábẹ́ maikirosíkóòpù, tàbí àwọ̀ tí ó mú nígbà tí a rẹ ẹ́ láró, ni a fi ń dájọ́. Gbogbo DNA ọ̀kan ni a ń fi wé gbogbo DNA èkejì. Bí ìjọra àwọn apá tí wọ́n jọ ní bá tó nǹkan bíi 95% ní ìpíndọ́gba, a kà wọ́n sí irú kan náà. Ọ̀rọ̀ Ẹṣẹríkíà kólì àti Ṣígẹ́là, bakitéríà méjì tí orúkọ wọn yàtọ̀ ṣùgbọ́n tí jẹ́nóòmù wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan, fi bí ìlànà náà ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn, ó sì tún fi ibi tí agbára rẹ̀ pin sí hàn.

== Ìdí tí ìrísí àti aró kò fi tó ==

Láàárín àwọn ẹranko, a lè béèrè bóyá akọ àti abo lè jọ bí ọmọ tí òun náà yóò bímọ. Ìbéèrè yìí kò bá bakitéríà mu, nítorí pé kò ní akọ, kò sì ní abo. Ńṣe ni ẹyọ kan ń pín ara rẹ̀ sí méjì. Àwọn onímọ̀ ìgbà àkọ́kọ́ lo ohun tí ojú lè rí. Wọ́n pín bakitéríà sí àwọn tí ó gùn bí ọ̀pá, àwọn tí ó rí roboto, àti àwọn tí ó lọ́ kọrọdọ.

Ní ọdún 1884, Hans Christian Gram, oníṣègùn ará Dẹ́nmárkì tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Bẹ̀rlíìnì, ṣe àgbékalẹ̀ ọ̀nà rírẹ aró tí a fi orúkọ rẹ̀ pè. Bakitéríà tí ògiri sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ nípọn máa ń di aró aláwọ̀ àlùkò mú kódà nígbà tí a bá fi ọtí líle ṣàn án. Èyí tí ògiri rẹ̀ tín-ín-rín máa ń sọ aró náà nù, yóò sì mú àwọ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́ láti inú aró kejì. Àyẹ̀wò yìí ṣì wúlò ní ilé ìwòsàn títí di òní, nítorí pé ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ó ń gbà. Ṣùgbọ́n bí ògiri sẹ́ẹ̀lì ṣe rí nìkan ni ó ń sọ. Àìmọye irú bakitéríà ni ó rí bí ọ̀pá tí ó sì ń mú àwọ̀ pupa.

Nígbà tí ó yá, àwọn onímọ̀ fi àyẹ̀wò oúnjẹ kún un: irú ṣúgà wo ni bakitéríà náà lè lò, ǹjẹ́ ó sì lè rìn? Èyí dára ju ìrísí lọ, ṣùgbọ́n ó ní àléébù tirẹ̀. Jíìnì kan tàbí méjì péré ló lè pinnu bóyá bakitéríà yóò lo ṣúgà kan. Bí jíìnì yẹn bá bàjẹ́, èsì àyẹ̀wò yóò yí padà pátápátá, bí ẹgbẹẹgbẹ̀rún jíìnì tó kù kò tilẹ̀ yí padà.

== Ìdàpọ̀ DNA àti ààlà 70% ==

DNA jẹ́ okùn méjì tí ó so mọ́ra. Bí a bá gbé e sínú ooru líle, okùn méjèèjì yóò tú. Bí ó bá ń tutù díẹ̀díẹ̀, okùn tí ó bára mu yóò tún so pọ̀. Láti nǹkan bíi ọdún 1960 sókè ni àwọn onímọ̀ ti ń lo ìwà yìí láti fi bakitéríà wéra. Wọ́n ń po DNA bakitéríà méjì pọ̀, wọ́n ń tú u, wọ́n sì ń wọn iye okùn ti àkọ́kọ́ tí ó so mọ́ ti èkejì. Iye yìí ni wọ́n ń fi wé bí DNA bakitéríà kan ṣe ń so mọ́ ara rẹ̀, èyí tí a kà sí 100%.

Ní ọdún 1987, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ kan dábàá pé bí ìdàpọ̀ náà bá tó 70% tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, irú kan náà ni bakitéríà méjèèjì. Kò túmọ̀ sí pé 70% nínú lẹ́tà DNA wọn ni ó dọ́gba. Okùn méjì tí lẹ́tà wọn yàtọ̀ púpọ̀ kì í so pọ̀ rárá, nítorí náà ìyàtọ̀ kékeré nínú lẹ́tà máa ń já ìdàpọ̀ wálẹ̀ gidigidi. Ìdàpọ̀ 70% bá ìjọra lẹ́tà tí ó tó nǹkan bíi 95% mu.

Iṣẹ́ yìí le. Èsì rẹ̀ lè yàtọ̀ láti yàrá àyẹ̀wò kan sí òmíràn, a kò sì lè fi èsì pamọ́ kí ẹlòmíràn fi bakitéríà tuntun wé e lẹ́yìn ọ̀la. Gbogbo méjì-méjì tí a bá fẹ́ fi wéra ni a gbọ́dọ̀ tún pò láti ìbẹ̀rẹ̀.

== Ìṣirò ìpíndọ́gba ìjọra lẹ́tà ==

Nígbà tí ó di ohun tí ó rọrùn láti ka gbogbo lẹ́tà jẹ́nóòmù, kọ̀ǹpútà gba iṣẹ́ náà ṣe. Ní ọdún 2005, Konstantinos Konstantinidis àti James Tiedje dábàá pé kí a máa lo ìpíndọ́gba ìjọra lẹ́tà, tí a ń pè ní ANI ní ìkékúrú. Ìwádìí tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2007 fi hàn pé 95% lórí ìwọ̀n yìí ni ó bá ààlà 70% ti àtijọ́ mu.

Ìgbésẹ̀ rẹ̀ kò lọ́jú pọ̀. A ó gé jẹ́nóòmù àkọ́kọ́ sí ègé tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní lẹ́tà 1,020. A ó wá ibi tí ègé kọ̀ọ̀kan ti jọ jẹ́nóòmù kejì jù, a ó sì ka iye lẹ́tà tí ó dọ́gba níbẹ̀. Ègé tí kò rí ẹnìkejì tí ó jọ ọ́ dáadáa ni a ó yọ sílẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni a ó ṣe ìpíndọ́gba gbogbo èyí tí ó kù. A máa ń ṣe é lọ, a sì máa ń ṣe é bọ̀, kí jẹ́nóòmù kejì náà lè di èyí tí a gé.

== Àpẹẹrẹ: Ẹṣẹríkíà kólì àti Ṣígẹ́là ==

Theodor Escherich ṣe àpèjúwe bakitéríà tí a wá ń pè ní Ẹṣẹríkíà kólì ní ọdún 1885. Inú ìfun ènìyàn ni ó ń gbé, púpọ̀ nínú wọn kì í sì pa ènìyàn lára. Ní ọdún 1897, Kiyoshi Shiga ṣàwárí bakitéríà mìíràn nígbà tí ìgbẹ́ ọ̀rìn ń jà ní Jàpáánì. Orúkọ rẹ̀ ni a fi sọ ìbátan Ṣígẹ́là. Àwọn méjèèjì rí bí ọ̀pá, àwọn méjèèjì sì ń mú àwọ̀ pupa nínú aró Gram, nítorí náà maikirosíkóòpù kò lè yà wọ́n. Àyẹ̀wò oúnjẹ ni ó yà wọ́n. Ẹṣẹríkíà kólì sábà máa ń lo ṣúgà inú wàrà, ó sì sábà máa ń rìn. Ṣígẹ́là kì í rìn, èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn kì í sì í lo ṣúgà náà.

Nígbà tí a ka jẹ́nóòmù wọn, ọ̀rọ̀ yí padà. Ẹ̀yà Ẹṣẹríkíà kólì tí a mọ̀ sí K-12, tí a ka jẹ́nóòmù rẹ̀ tán ní ọdún 1997, ní lẹ́tà bíi mílíọ̀nù 4.6, èyí tí yóò fún wa ní ègé bíi 4,500. Bí a bá fi wọ́n wé Ṣígẹ́là fẹlẹsínárì, ìpíndọ́gba ìjọra wọn wà láàárín 97% sí 98%. Ìyẹn ni pé nínú ègé kan tí ó ní lẹ́tà 1,020, lẹ́tà bíi 25 péré ni ó yàtọ̀. Èyí kọjá ààlà 95% dáadáa: irú kan náà ni wọ́n.

Kí ni ó wá fa ìyàtọ̀ tí a rí nínú àyẹ̀wò? Ṣígẹ́là gba òrùka DNA ńlá kan tí a ń pè ní pilásímíìdì, tí ó ní lẹ́tà bíi 200,000. Orí òrùka yìí ni àwọn jíìnì tí ó ń jẹ́ kí ó wọ inú sẹ́ẹ̀lì ìfun wà. Lẹ́yìn tí ó bẹ̀rẹ̀ sí gbé inú sẹ́ẹ̀lì, àwọn jíìnì ìrìn àti ti ṣúgà kan kò wúlò fún un mọ́, wọ́n sì bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ní ọdún 2000, Gulietta Pupo, Ruiting Lan àti Peter Reeves fi hàn pé èyí ṣẹlẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Oríṣiríṣi ìlà Ẹṣẹríkíà kólì ni ó di Ṣígẹ́là lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Nítorí náà Ṣígẹ́là kì í ṣe ìdílé kan tí ó ní baba ńlá tirẹ̀. Orúkọ ìgbé-ayé kan ni, tí ọmọ oríṣiríṣi ẹ̀ka kó sí.

== Àpẹẹrẹ òdìkejì: Ẹṣẹríkíà álíbátì ==

Àṣìṣe lè wá láti ọ̀nà kejì pẹ̀lú. Ní nǹkan bíi ọdún 1990, a rí bakitéríà kan lára àwọn ọmọdé tí ó ń yàgbẹ́ gbuuru ní Bangladẹ́ṣì. Àyẹ̀wò oúnjẹ sọ pé Háfíníà álífẹ́ì ni, bakitéríà kan tí ó wà nínú ìbátan mìíràn pátápátá. Nígbà tí a yẹ DNA rẹ̀ wò, a rí i pé inú ìbátan Ẹṣẹríkíà ni ó wà, àmọ́ kì í ṣe irú kan náà pẹ̀lú Ẹṣẹríkíà kólì. Ní ọdún 2003 ni a fún un ní orúkọ tirẹ̀, Ẹṣẹríkíà álíbátì. Ìjọra rẹ̀ pẹ̀lú Ẹṣẹríkíà kólì jẹ́ nǹkan bíi 90%: nínú ègé kan náà, lẹ́tà bíi 100 ni ó yàtọ̀, kì í ṣe 25. Ṣígẹ́là, tí ó ní orúkọ ìbátan ọ̀tọ̀, sún mọ́ Ẹṣẹríkíà kólì ju álíbátì tí wọ́n jọ ń jẹ́ orúkọ ìbátan kan lọ.

== Ohun tí ó lè ṣi ìṣirò lọ́nà ==

Àwọn ègé tí jẹ́nóòmù méjèèjì jọ ní nìkan ni ìpíndọ́gba náà ń kà. Bí bakitéríà méjì tí kò bára tan bá pín pilásímíìdì kan láàárín ara wọn, ègé díẹ̀ yẹn lè fi ìjọra 99% hàn, kí àṣìṣe sì wọlé. Nítorí náà a gbọ́dọ̀ wo iye ègé tí ó rí ẹnìkejì rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ 100 péré nínú 4,500, iye ìjọra náà kò ní ìtumọ̀. Jẹ́nóòmù tí DNA bakitéríà mìíràn dà mọ́ náà ń ṣini lọ́nà. Àmì rẹ̀ ni pé jẹ́nóòmù náà tóbi ju bí ó ti yẹ lọ, tàbí pé jíìnì tí ó yẹ kí ó jẹ́ ẹyọ kan fara hàn lẹ́ẹ̀mejì.

Ààlà 95% kò sì jẹ́ òfin tí a gbé sílẹ̀ láìwo ayé. Ní ọdún 2018, ìwádìí kan fi jẹ́nóòmù bíi 90,000 wéra. Púpọ̀ jù lọ nínú èsì rẹ̀ bọ́ sí òkè 95% tàbí sí ìsàlẹ̀ 83%. Díẹ̀ ni ó wà láàárín. Àwọn díẹ̀ wọ̀nyí, pàápàá àwọn tí ó wà ní nǹkan bíi 94% sí 96%, ni àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lé lórí, tí wọ́n sì ń fi ẹ̀rí mìíràn kún ìṣirò.

== Jẹ́nóòmù àti orúkọ ==

Bí ìṣirò ti sọ ọ́ tó yìí, orúkọ Ṣígẹ́là ṣì wà. Dókítà tí ó bá rí i nínú èsì àyẹ̀wò mọ̀ pé ìgbẹ́ ọ̀rìn ni, àti pé iye bakitéríà tí kò tó 100 lè kó o ran ẹlòmíràn. Bí èsì náà bá kọ Ẹṣẹríkíà kólì lásán, ìkìlọ̀ yẹn lè sọnù. Òfin àgbáyé tí ó ń darí orúkọ bakitéríà fàyè gba èyí. Ní ọdún 1985, a kọ ìdábàá kan tí ì bá sọ bakitéríà àjàkálẹ̀ àrùn eku, Yẹrisíníà pẹ́sítìsì, di ẹ̀ka irú mìíràn tí kò léwu tó o. Jẹ́nóòmù wọn ti ìdábàá náà lẹ́yìn, ṣùgbọ́n a gbà pé ìyípadà orúkọ náà lè fi ẹ̀mí ènìyàn sínú ewu. Nítorí èyí, àwọn ibùdó àkójọ jẹ́nóòmù lè to Ṣígẹ́là sábẹ́ Ẹṣẹríkíà kólì, nígbà tí ilé ìwòsàn ń bá a lọ láti máa fi orúkọ àtijọ́ pè é.