Lẹ́tà Àlàyé fún Oníbàárà tí Fọ́ọ̀mù Rẹ̀ Sọnù

Àwọn àgbà a máa wí pé ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúàbí. Bí ó bá dé inú rẹ̀, a di odidi. Ṣùgbọ́n bí oníṣẹ́ bá ń ṣàlàyé àbùkù iṣẹ́ rẹ̀ fún oníbàárà tí kò mọ iṣẹ́ náà, ààbọ̀ ọ̀rọ̀ a wà ní ààbọ̀ títí. Ohun tí ó dé bá ọ̀pọ̀ fọ́ọ̀mù orí ayélujára ní ọdún 2014 fi èyí hàn.

Ní oṣù kẹrin ọdún náà ni ilé-iṣẹ́ Yáhù yí ìlànà kan padà. Wọ́n ní kí àwọn tí ń gba ímeèlì kọ lẹ́tà yòówù tí ó bá ń jẹ́ orúkọ `yahoo.com`, bí kò bá ní ẹ̀rí pé ọ̀dọ̀ Yáhù ni ó ti jáde. Àwọn gbájú-ẹ̀ tí ń fi àdírẹ́sì àwọn oníbàárà wọn tan ènìyàn jẹ ni wọ́n fẹ́ dí lọ́nà. Ṣùgbọ́n ìlànà náà mú aláìṣẹ̀ pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ń ṣe wẹ́bùsáìtì ni ó ti máa ń jẹ́ kí fọ́ọ̀mù fi àdírẹ́sì ẹni tí ó kọ ọ́ ṣe orúkọ ẹni tí ó fi lẹ́tà ránṣẹ́, kí ó lè rọrùn láti fèsì.

Kí a fi ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Sùúrùlérè ṣe àpẹẹrẹ. Orí wẹ́bùsáìtì ni àwọn òbí ti ń kọ fọ́ọ̀mù ìgbaniwọlé. Yábàá ni ẹni tí ó ṣe wẹ́bùsáìtì náà wà. Ọ̀dọ̀ Jímeèlì sì ni àpótí lẹ́tà ilé-ẹ̀kọ́ wà. Nígbà tí ìdánwò ku ọjọ́ márùn-ún, baba kan wá béèrè nọ́ńbà ìjókòó ọmọ rẹ̀. Orúkọ ọmọ náà kò sí nínú ìwé, bẹ́ẹ̀ ni baba yìí ti rí «A dúpẹ́» lójú kọ̀ǹpútà lẹ́yìn tí ó kọ fọ́ọ̀mù tán. Ẹni tí ó ṣe wẹ́bùsáìtì yẹ àkọsílẹ̀ sáfà wò, èyíinì ni kọ̀ǹpútà tí ó gbé wẹ́bùsáìtì náà ró. Ó rí ọ̀rọ̀ yìí níbi mẹ́tàlélógún:

```
550-5.7.1 Unauthenticated email from yahoo.com
is not accepted due to domain's DMARC policy
```

Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé Jímeèlì kọ lẹ́tà náà nítorí ìlànà Yáhù. Fọ́ọ̀mù 41 tí àwọn tí kì í lo Yáhù kọ dé láìsí ewu. Ibẹ̀ ni a ti ń dá àrùn yìí mọ̀: bí ó bá jẹ́ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni ó ń ṣe ségesège, kì bá tí ṣa àwọn oní-Yáhù nìkan jẹ. Lẹ́tà tí ó kọ sí ọ̀gá àgbà nìyí:

«Ìyáàfin Ọ̀gá Àgbà, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìrọ́jú. Fọ́ọ̀mù 23 ni kò dé ọ̀dọ̀ yín láàrin ọjọ́ 7 sí ọjọ́ 21 oṣù kẹrin. Àwọn òbí kò ṣe àṣìṣe, ẹ̀yin náà kò sì ṣe é. Fọ́ọ̀mù wa máa ń kọ orúkọ òbí sí ẹ̀yìn àpò-ìwé, bí ẹni pé òbí fúnra rẹ̀ ni ó mú lẹ́tà lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́, nígbà tí ó jẹ́ pé ẹ̀rọ wa ni ó mú un lọ. Tẹ́lẹ̀, wọn kì í tìtorí èyí dá lẹ́tà padà. Nísinsìnyí Yáhù ti ní kí wọ́n máa kọ irú rẹ̀. Àwọn tí a dá padà bọ́ sínú àpótí kan lórí sáfà. Èmi ni ó yẹ kí n máa ṣí i, n kò sì ṣí i. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú. Mo rí 19 níbẹ̀ lódindi, mo sì fi wọ́n mọ́ lẹ́tà yìí. Mẹ́rin ti pa rẹ́. Wákàtí tí wọ́n wọlé nìkan ni ó kù. Mo bẹ̀ yín, ẹ lẹ ìwé mọ́ ẹnu ọ̀nà kí òbí tí kò bá tíì gbọ́ èsì lè wá kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀.»

Ẹ kíyè sí i pé iye tí ó sọnù àti ọjọ́ rẹ̀ ni ó ṣáájú, kí ìdí tó tẹ̀lé e. Ohun tí ọ̀gá àgbà nílò jù lọ ni láti mọ àwọn ọmọ tí ó lè pàdánù ìdánwò. Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ `DMARC` ni lẹ́tà fi bẹ̀rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ó má kà á dé ibi àwọn mẹ́rin náà.

Àtúnṣe náà kò gùn. Ilé-ẹ̀kọ́ ni ó ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ ní orúkọ ara rẹ̀ báyìí, èsì nìkan ni ó ń lọ sọ́dọ̀ òbí:

```
From: foomu@ile-iwe.example
Reply-To: oruko-obi@yahoo.com
```

Èkejì, sáfà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi fọ́ọ̀mù pamọ́ sọ́dọ̀ ara rẹ̀ kí ó tó fi ímeèlì ránṣẹ́. Ìgbà tí ó bá ti fi pamọ́ tán ni «A dúpẹ́» tó lè jáde. Tẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kò túmọ̀ sí ju pé lẹ́tà ti kúrò ní ọwọ́ fọ́ọ̀mù. Kò jẹ́rìí pé ó dé ibi tí ó ń lọ.

Síbẹ̀, ímeèlì lè ṣì kọsẹ̀ lọ́nà. Ní oṣù kejì ọdún 2024, Jímeèlì àti Yáhù tún mú ìlànà wọn le sí i: ẹni yòówù tí ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí wọn gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí hàn pé òun ni ó ni orúkọ tí òun ń jẹ́. Nítorí pé ímeèlì lè kọsẹ̀ báyìí ni lẹ́tà ti Yábàá fi ní ìlà kan sí i ní ìparí: «Ní gbogbo ọjọ́ Ajé, ẹ ka iye fọ́ọ̀mù tí ó wà ní ìpamọ́, kí ẹ sì ka iye ímeèlì tí ó dé. Bí méjèèjì kò bá dọ́gba, ẹ pè mí lọ́jọ́ náà gan-an.»